Ẹja Ò Mọ̀ Pé Iná Lọ

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló fi ìsọ̀ náà sílẹ̀ fún mi nígbà tó bá ọkọ rẹ̀ kó lọ sí Pọ́tónóvò. Ìsọ̀ ẹja dídì ni, ó wà lẹ́bàá títì ní Pobẹ̀, kò jìnnà sọ́jà, bẹ́ẹ̀ ni kò sì jìnnà sí ibi tí oko ọ̀pẹ ti bẹ̀rẹ̀. Àpótí òtútù ńlá mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, èyí tí àwa níbí ń pè ní kọ̀ǹjẹlò, tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní fírísà. Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni èéfín funfun tó máa ń jáde nígbà tí mo bá ṣí ìdérí. Yóò rọra yọ bí kùrukùru ọyẹ́, yóò gba etí àpótí kọjá, yóò sọ̀kalẹ̀ wá bá mi lẹ́sẹ̀. Nínú ooru oṣù kẹta, nígbà tí àwọn ewé ọ̀pẹ kì í tilẹ̀ mira, mo máa ń dúró nínú èéfín náà bí ẹni tó dúró nínú odò. Mo máa ń gbàgbé oníbàárà tó dúró níwájú mi. Wọ́n á ní, "Ìyá ẹlẹ́ja, ṣé ẹ ti sùn ni?" Èmi á sì rẹ́rìn-ín, n ó mú ẹja kòtè tó ti di òkúta, n ó gbé e lé òṣùwọ̀n.

N kò mọ̀ nígbà náà pé èéfín yẹn, owó mi ni. Gbogbo ìgbà tó bá jáde, epo ló ń jáde.

Iná wa kì í ṣe iná burúkú tẹ́lẹ̀. Ó máa ń lọ, ó máa ń bọ̀, bí àlejò tó mọ ilé. Àmọ́ ọdún kan dé tó jẹ́ pé bó bá lọ, kò ní ronú àtibọ̀ mọ́. Láàárín ọ̀sán gangan ni yóò lọ, nígbà tí gbogbo ìlú ń lo fáànù. Ìgbà òjò ńkọ́? Ìjì kan ṣoṣo tó bá gba ọ̀nà Yoko wá ti tó kó gbé wa sínú òkùnkùn fún ọjọ́ méjì. Mo ní ẹ̀rọ amúnáwá kékeré kan, gúrúpù ni à ń pè é, mo sì ń fi kpayó ṣe é, epo inú ìgò tí wọ́n ń gbé gba ẹnu ibodè wọlé. Nígbà tí kpayó pọ̀ tó sì rọjú, mo máa ń tan gúrúpù náà láti òwúrọ̀ di alẹ́, n kò sì ṣe ìṣirò kankan. Lẹ́yìn náà ni owó epo fò sókè ní Nàìjíríà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìgò kan ń gba owó tí ìgò méjì ń gbà tẹ́lẹ̀, ó tún ń gòkè sí i. Àwọn tó ń ta á lẹ́bàá títì kò tilẹ̀ lè wo ojú wa mọ́.

Mo rántí ọ̀sẹ̀ tó la ojú mi. Iná lọ ní ọjọ́ Ajé, kò dé títí di Ọjọ́bọ̀. Mo tan gúrúpù fún gbogbo ọjọ́ náà. Mo tajà dáadáa, nítorí ìsọ̀ ẹja kejì tó wà níwájú ọjà ti ilẹ̀kùn. Èèyàn ń wọlé, èèyàn ń jáde, èmi ń ṣí ìdérí, èmi ń pa á dé, inú mi ń dùn. Ní ọjọ́ Ẹtì, mo fẹ́ lọ ra páálí ẹja mìíràn ní Sakété, níbi tí olùtajà ńlá kan ti ní iyàrá òtútù, mo wá rí i pé owó tó wà lọ́wọ́ mi kò tó ra páálí tí mo tà tán. Mo tú u kà lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí olè, kò sí gbèsè. Gbogbo ẹja lọ, gbogbo owó sì jóná nínú gúrúpù.

Mo jókòó lórí páálí òfìfo. Ìjókòó yẹn pẹ́. Etí mi ṣì ń gbọ́ ariwo gúrúpù bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti pa á.

Bàbá àwọn ọmọ mi, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́, dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó bá mi níbẹ̀.

Ó ní, "Gúrúpù yìí ló kéré jù. Jẹ́ kí á wá èyí tó tóbi."

Mo ní, "Èyí tó tóbi á mu epo jù ú lọ."

Ó ní, "Ṣùgbọ́n yóò gbé kọ̀ǹjẹlò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà."

Nǹkan kan ń sọ fún mi nínú pé ibẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà wà, ṣùgbọ́n n kò mọ bí n ó ṣe sọ ọ́.

Àlájà ló bá mi sọ ọ́. Obìnrin àgbà kan ni, ará Nàìjíríà, apá ìlú Ìlarò ló ti wá. Ìsọ̀ rẹ̀ fi ògiri kan ti tèmi. Ọṣẹ, súgà, mílíìkì àti tòmátò inú agolo ló ń tà. Ọdún tó ti wà pẹ̀lú wa pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń gbọ́ èdè Gùn, àmọ́ kò fẹ́ sọ ọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó gbé àga rẹ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà mi, ó jókòó, ó ń fi etí ìborùn rẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀.

Ó ní, "Ìyàwó, kí lò ń tà?"

Mo rò pé ó ń ṣe ẹ̀fẹ̀ ni. Mo ní, "Àlájà, ẹja ni mò ń tà, ẹ ṣáà rí i."

"Rárá o. Òtútù lò ń tà. Àwọn èèyàn wá ra ẹja, ìwọ fún wọn lẹ́ja, o tún da òtútù lé e lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ń wò ọ́ láti ìsọ̀ mi. Ẹni tó fẹ́ ra ẹja kan, o ṣí àpótí mẹ́ta. O ń wá kòtè, o ń wá ṣàwá, o ń wá itan adìyẹ. Àpótí mẹ́ta, kò sí èyí tó kún dé ìdajì. Kí lo wá ń fi epo ẹ mú tutù? Afẹ́fẹ́!"

Mo wo àwọn àpótí náà. Òótọ́ ni. N kò rí i bẹ́ẹ̀ rí.

Ó ní, "Ní tiwa, níbi tí wọ́n bí mi sí, láti kékeré la ti mọ̀ pé iná kì í ṣe ọmọ ilé. Tó bá dé, a ó lò ó bí ẹni tó pọn omi òjò. Tó bá lọ, a ó ti ìdérí. Àpótí tó kún fún ẹja dídì, tí ẹnikẹ́ni ò ṣí, yóò di òtútù rẹ̀ mú fún ọjọ́ kan ààbọ̀, nígbà mìíràn ọjọ́ méjì pàápàá, láìsí ẹ̀kán epo kan. Èyí tí kò kún ńkọ́? Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti ń sunkún."

Ọ̀rọ̀ náà bá mi sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo dé ìsọ̀ ṣáájú oòrùn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún gbogbo nǹkan tò. Mo kó gbogbo ẹja sínú àpótí kan ṣoṣo, èyí tí ìdérí rẹ̀ ṣì le jù. Mo to ṣàwá sí ìsàlẹ̀, kòtè sí àárín, itan adìyẹ lọ́tọ̀ nínú ọ̀rá sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ọwọ́ mi lè mọ ibi tó ń lọ láìwò. Mo wá ìgò omi oníke tó ti ṣófo, mo da omi oníyọ̀ sí wọn, n kò jẹ́ kó kún dé ẹnu, mo kó wọn sí gbogbo àyè tó ṣẹ́kù. Bí iná bá wà, wọn á dì. Bí iná bá lọ, àwọn ni yóò máa ṣọ́ ẹja. Mo pe ọkọ mi kó bá mi sún àpótí náà kúrò lára ògiri tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Ògiri yẹn máa ń gbóná lọ́sàn-án bí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, ẹ̀yìn àpótí sì fara tì í láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ti gbé e síbẹ̀. Àpótí kejì, n kò fi iná sí i mọ́, mo sọ ọ́ di ibi tí mo ń tọ́jú ọjà tí mo bá máa tà ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Mo kó ẹja tó tó wákàtí mẹ́ta sínú rẹ̀ pẹ̀lú ìgò omi dídì méjì, ibẹ̀ ni mo ti ń tà. Bẹ́ẹ̀ ni àpótí àkọ́kọ́ kò fi ní í ṣí ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lóòjọ́. Ẹ̀kẹta, mo tà á fún obìnrin kan tó ń ta omi tútù ní Takọn.

Ọkọ mi dúró, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń gbé àpótí kẹta sórí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́rù. Ó ní, "A ń kéré sí i nìyẹn."

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí á wò ó."

Ohùn mi kò dá mi lójú.

Wákàtí iṣẹ́ ló tẹ̀lé e. Tẹ́lẹ̀, láti agogo méje òwúrọ̀ títí tí ilẹ̀ fi ń ṣú ni ilẹ̀kùn mi ń wà ní ṣíṣí. Mo jókòó fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo kàn ń wò. Mo rí i pé àwọn tó ń ra ẹja ọbẹ̀ máa ń wá kí oòrùn tó le, àwọn tó ń din ẹja tà lẹ́bàá títì máa ń wá ní ìrọ̀lẹ́. Láàárín ọ̀sán, ẹni tó bá wá, ó wá gba afẹ́fẹ́ tútù ni. Yóò ra ẹja kan, yóò sì béèrè bí ọmọ ṣe wà. Ọ̀sán yẹn kan náà ni ooru máa ń pọ̀ jù, òun náà ni iná máa ń lọ jù. Mo wá ń ṣí ní agogo mẹ́fà àárọ̀, mo ń tì í ní mẹ́wàá ààbọ̀; mo ń tún un ṣí ní mẹ́rin, mo ń tì í nígbà tí oòrùn bá wọ̀. Bí iná kò bá sí, mo ń tan gúrúpù wákàtí méjì láàárọ̀, wákàtí méjì nírọ̀lẹ́, pẹ̀lú ìdérí ní pípadé, ó tán. Fún gílóòbù, mo ra pátákó oòrùn kékeré kan, sólà, tó tó fún iná kan àti tẹlifóònù, kí n má baà máa tan gúrúpù nítorí pé mo fẹ́ rí ojú oníbàárà.

Ibi tí mo ti ṣubú ni iye owó.

Mo rò pé ó tọ́ kí ẹja wọ́n ní ọjọ́ tí iná kò bá sí, nítorí pé ọjọ́ yẹn ni mò ń ra epo. Mo kọ iye méjì sórí pátákó dúdú kan lẹ́nu ọ̀nà: iye ọjọ́ iná, iye ọjọ́ àìsí iná. Ó dà bí ọgbọ́n lójú mi. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo kọ ọ́, obìnrin kan wá láti Towé. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa: ó ń yan ẹja, ó ń gbé e lọ sí àwọn ọjà oko, ọwọ́ rẹ̀ ti dúdú nítorí èéfín. Ó wo pátákó náà, kò mọ̀wé, ó ní kí n kà á fún òun. Mo kà á. Ó gbé kòtè kan sókè, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó gbé e sún mọ́ etí bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀.

Ó ní, "Ṣé ẹja mọ̀ pé iná lọ ni?"

Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú tì mí.

Ó ní, "Ìyá, ẹja tí mo rà lánàá lẹ ṣì ń tà fún mi lónìí. Bí mo bá jáde nílé, n kò mọ iye tí n ó bá. N ó gbé owó wá, kò ní í tó, n ó gbé ọwọ́ òfìfo padà dé Towé. Bí ó bá wọ́n, ẹ jẹ́ kó wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n látilé."

Kò rà á. Ó lọ. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, mo rí i pé àwọn tó ń rà púpọ̀ ti ń kọjá níwájú mi lọ sí ìsọ̀ kejì.

Mo nu pátákó náà. Mo jókòó ti ọkọ mi lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi, mo ní kó bá mi ṣe é bí ìṣirò tó ń kọ́ àwọn ọmọ. A kó gbogbo epo oṣù kan pọ̀, ọjọ́ tí iná wà àti ọjọ́ tí kò sí, pẹ̀lú owó iná tí mo ń rà sínú ẹ̀rọ tó ń kà á, pẹ̀lú owó mọ́tò Sakété. A pín in sórí gbogbo kílò ẹja tí mo ń tà lóṣù. Ohun tó bọ́ sórí kílò kan kéré débi tí ẹ̀rù fi bà mí. Gbogbo wàhálà yẹn, ohun tó fẹ́ kò ju owó ata díẹ̀ lórí kílò kan, bí mo bá ti ń gbà á lójoojúmọ́ dípò kí n gbá a mọ́ àwọn èèyàn lójú ní ọjọ́ kan. Ọkọ mi tún kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó wò mí, ó ní, "Gúrúpù ńlá kọ́ ló yẹ ká rà." N kò sọ pé mo ti sọ bẹ́ẹ̀. Mo kàn bu omi fún un.

Iye kan ṣoṣo ni mo wá fi sórí pátákó, ó fi díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àmọ́ n kò mú èènì kúrò. Àlájà ló kìlọ̀ fún mi nípa èyí. Ó ní èèyàn lè dárí ji owó tó wọ́n, ṣùgbọ́n kò ní í dárí ji ẹni tó mú èènì rẹ̀ kúrò. Ẹja ṣàwá kékeré kan lórí kílò méjì, kí ojú oníbàárà lè tutù. Mo sì fi iye kejì kún un, tí kò ní í ṣe pẹ̀lú iná bí kò ṣe pẹ̀lú ara ẹja: èyí tó ti ń rọ̀ nírọ̀lẹ́, tó ṣì tutù, tí yìnyín ṣì wà nínú rẹ̀, n ó tà á ní ẹ̀dínwó kó lọ sínú ìkòkò lọ́jọ́ náà. N kò ní í dá a padà sínú àpótí kó tún dì. Èyí tó bá ti rọ̀ tán, tó tún dì, ara rẹ̀ á di ìyẹ̀fun lẹ́nu, ó sì lè ṣe èèyàn ní jàǹbá.

Lẹ́yìn náà ni mo gbé zẹ́mì, ọ̀kadà tiwa níbí, mo lọ wá obìnrin Towé náà. Mo bá a lẹ́yìn ilé rẹ̀, ó tẹ̀ wá síwájú lórí àdògán tó fi amọ̀ mọ, èéfín ń ti gbogbo ihò rẹ̀ jáde lọ sínú igi. Mo kúnlẹ̀ kí i nítorí pé ó jù mí lọ. Mo sọ iye tuntun náà fún un. Mo ní, "Ìyẹn ni yóò máa jẹ́ títí di ìgbà tí mo bá sọ fún yín lẹ́nu ara mi. Mo tún fẹ́ bẹ̀ yín: bí iná bá pẹ́ kó tó dé, ẹja tó bá fẹ́ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ṣé ẹ lè wá gbà á?"

Ó ní, "Ní èló?"

Mo sọ iye tí mo ti rà á ní Sakété, láìfi èrè kan lé e.

Ó fi igi sínú iná, ó ronú. Ó ní, "Bí ẹ bá pè mí kó tó rọ̀ tán, n ó wá. Bí ó bá ti ń rùn, ẹ má pè mí o."

"N kò ní í jẹ́ kó dé ibẹ̀."

Ó fún mi ní kòtè yíyan kan, ó gbóná, òróró rẹ̀ ń kán. Mo jẹ ẹ́ lórí zẹ́mì bí mo ti ń padà, láàárín oko àgbàdo, atẹ́gùn ń gba imú mi. Ó jọ pé mo ń léfòó ni.

Oṣù kejì kò pé tí ìdánwò fi dé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó páálí mẹ́fà wálé láti Sakété ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Lọ́sàn-án, ìjì jà, ó wó òpó iná lọ́nà. Gbogbo Pobẹ̀ dákẹ́. Ìdákẹ́ tó máa ń tẹ̀lé lílọ iná, èmi nìkan kọ́ ni mo mọ̀ ọ́n: bí ẹni pé ilẹ̀ fa gbogbo ariwo mu. Mo fa wáyà yọ lára àpótí, nítorí pé bí iná bá padà dé lójijì pẹ̀lú agbára tí kò tọ́, ó lè ba ẹ̀rọ inú rẹ̀ jẹ́. Mo sì ti ìdérí. Gbogbo ara mi ń fẹ́ kí n tan gúrúpù. Ọwọ́ mi ti dé orí okùn rẹ̀. Mo fà á sẹ́yìn.

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí mo ti ti ilẹ̀kùn fún ọ̀sán, ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn. Bàbá kan ni, àbúrò bàbá ọkọ mi, ẹni tí gbogbo ẹbí ń bọ̀wọ̀ fún. Àlejò ń bọ̀ wá bá a, ó fẹ́ kílò mẹ́fà.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kó di agogo mẹ́rin."

Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹja wà níbẹ̀ àbí kò sí?"

"Ó wà, Bàbá."

"Kí ló wá ń ṣe é?"

"Bí mo bá ṣí i nísinsìnyí nínú ooru yìí, ti ọ̀pọ̀ èèyàn ni yóò bàjẹ́. N ó gbé e wá fún yín nílé fúnra mi ní mẹ́rin."

Kò bínú sókè. Ìyẹn ló burú jù. Ó kàn yí padà, ó ń lọ, etí fìlà rẹ̀ ti wọ́ sílẹ̀, ọ̀pá rẹ̀ ń kan ilẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ nínú òkùnkùn ìsọ̀. Ìyàwó wo ló ń ní kí àgbà padà wá? Mo gbé etí mi lé ìdérí àpótí. Kò sí ìró kankan nínú rẹ̀. Ó tutù lẹ́rẹ̀kẹ́ mi. Bóyá mo sùn níbẹ̀, n kò mọ̀. Mo kàn rántí pé mo rí ẹja tó ń wẹ̀ nínú funfun, wọn kò lajú, wọn kò yára, wọ́n ń lọ síbì kan.

Ní agogo mẹ́rin, mo tan gúrúpù, mo ṣí ìdérí. Mo fi èékánná kan kòtè tó wà lókè. Ó dún bí òkúta. Mo ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú mi. Mo wọn kílò mẹ́fà, mo gbé e lọ sílé Bàbá. Èmi kò mọ̀ pé ó ti kọ́kọ́ lọ sí ìsọ̀ kejì lẹ́yìn tó kúrò lọ́dọ̀ mi. Ẹja tó rà níbẹ̀ wà nínú abọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀, ojú rẹ̀ ti pupa. Bàbá fi ìka tẹ tèmi, ìka náà kò wọlé. Ó tẹ èkejì.

Ó ní, "Ó dáa. Mẹ́rin, mẹ́rin náà ni."

Ó san owó rẹ̀ pé. Nígbà tí mo fẹ́ fi èènì lé e, ó ní kí n gbé e padà sínú òtútù.

Ní ọjọ́ kẹta, àwọn ìgò omi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Iná kò tíì dé. N kò dúró kó dé. Mo pe obìnrin Towé lórí tẹlifóònù ní àárọ̀ kùtùkùtù. Ó dé pẹ̀lú agbọ̀n méjì lórí zẹ́mì, ó kó páálí kan ààbọ̀ tó ṣẹ́kù, ó sì san iye tí a sọ. A jọ gbé e. Ó ní, "Ẹ pè mí lásìkò." Òru ọjọ́ yẹn ni iná tó dé. Nígbà tí mo ṣe ìṣirò ní ọjọ́ ìsinmi, èrè mi kéré ju ti ọ̀sẹ̀ rere lọ, ṣùgbọ́n èrè ni. Kò sí ẹja kan tí mo dà nù. Epo tí mo fi ṣe ọjọ́ mẹ́ta náà kò tó èyí tí mo ń fi ṣe ọjọ́ kan tẹ́lẹ̀.

Láti ìgbà náà ni nǹkan ti ń lọ bẹ́ẹ̀, bí a bá yọ ti ìgbà tí mo gbàgbé mo ra páálí púpọ̀ ju bó ti yẹ lọ ṣáájú ọdún Kérésì, tí mo sì jìyà rẹ̀. Mo wá ń lọ sí Sakété lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ dípò ẹ̀ẹ̀kan, páálí díẹ̀díẹ̀. Owó mọ́tò pọ̀ sí i, ìpayà dín kù. Ẹni tó bá fẹ́ odidi páálí ní ọjọ́ ọjà, yóò sọ fún mi ní ọjọ́ méjì ṣáájú, yóò san díẹ̀ sílẹ̀. Láti orí mọ́tò ló ti máa ń gbà á, kò tilẹ̀ ní í wọ àpótí mi. Mo ń gba ẹja yíyan lọ́wọ́ obìnrin Towé, mo ń tà á lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹja yíyan kò mọ iná, kò mọ epo, ó kàn jókòó síbẹ̀, ó ń rùn dídùn.

Àlájà ti padà sílé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gba ìjókòó ìsọ̀ mọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ sì wá mú un. Ní àárọ̀ tó ń lọ, a gbé ẹrù rẹ̀ sínú mọ́tò, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Má jẹ́ kí wọ́n fi iná dẹ́rù bà ọ́." Ẹlòmíràn ti gba ìsọ̀ rẹ̀, aṣọ ọmọdé ló ń tà.

Ohun tí n kò retí ni ọ̀sán. Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge, n kò ní ọ̀sán rí. Ọjà ló ní i. Ní báyìí, ní agogo mẹ́wàá ààbọ̀, n ó ti ilẹ̀kùn, n ó rìn lọ sílé lábẹ́ òjìji àwọn igi. Ọkọ mi náà máa ń ti ilé ẹ̀kọ́ dé ní ìwọ̀n agogo kan. Lákọ̀ọ́kọ́, a kò mọ ohun tí a máa bá ara wa sọ. A ti ṣe ọdún púpọ̀ tó jẹ́ pé alẹ́ nìkan la ń rí ara wa, àárẹ̀ sì máa ń mú wa. Ọjọ́ kan, ó tẹ́ ẹní sábẹ́ igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé, ó gbé ẹ̀bà sílẹ̀, ó ní kí n wá jókòó. A jẹun. Ìlú dákẹ́, àdàbà kan ń ké nínú oko ọ̀pẹ, ooru ń gbọ̀n lórí páànù bí omi. Ó bi mí léèrè bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe wà ní Pọ́tónóvò. Mo sọ fún un. Ó dùbúlẹ̀ sórí ẹní, èmi náà dùbúlẹ̀. Mo ń wo ìmọ́lẹ̀ tó ń já gba àárín ewé wá, ó ń rìn lórí apá rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, n kò sì mọ ìgbà tí oorun gbé mi lọ.